Oorun Òru àti Agbára Apá: Wákàtí Mélòó Ni Ó Tó fún Ẹni Tí Ń Ṣiṣẹ́ Agbára?

Ní àkókò ebè kíkọ, ó wọ́pọ̀ kí a rí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú oko kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, tí iye ebè tí wọ́n ń kọ lóòjọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Nígbà tí oṣù méjì bá kọjá, apá ọ̀kan á ti ki, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti le sí i. Èkejì á wà bí ó ti wà, bí kò bá tilẹ̀ rù sí i, á sì máa jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ara ríro. Àwọn ará ilé a máa wí pé ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ oko, tàbí pé oúnjẹ kì í hàn lára rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í: Ìgbà wo ni ó ń sùn lálẹ́, ìgbà wo ni ó sì ń jí?

Ìgbà tí iṣan ń dàgbà

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń pè ní iṣan níhìn-ín. Kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe ẹran pupa tí ó bo egungun apá, itan, àyà àti ẹ̀yìn, èyí tí ó máa ń le nígbà tí a bá gbé ẹrù. Ẹran yìí kì í wà lójú kan. Ó dà bí ògiri amọ̀ tí òjò ń wẹ̀ tí onílé sì ń rẹ́. Lójoojúmọ́ ni díẹ̀ ń wó kúrò lára rẹ̀, lójoojúmọ́ náà ni ara sì ń mọ òmíràn dípò èyí tí ó wó. Bí èyí tí a ń mọ bá pọ̀ ju èyí tí ó ń wó lọ, iṣan á ki. Bí èyí tí ó ń wó bá pọ̀ jù, iṣan á rù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olúwarẹ̀ kò ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ìgbà tí ọkọ́ wà lọ́wọ́, tàbí ìgbà tí a ń gbé irin lọ́wọ́, gan-an ni iṣan ń dàgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ agbára kàn ń kéde fún ara pé ògiri yìí kò nípọn tó ni, ó sì máa ń ya díẹ̀ lára rẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni mímọ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mẹ́ta ni mímọ náà ń fẹ́. Èkíní ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí ó ṣe ìkéde. Èkejì ni oúnjẹ amúaradàgbà, bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran àti wàrà, tí í ṣe amọ̀ tí a fi ń mọ ògiri. Ẹ̀kẹta ni ìsinmi, pàápàá oorun òru. Ẹni tí ó ní méjì àkọ́kọ́ tí kò ní ẹ̀kẹta dà bí ẹni tí ó po amọ̀ sílẹ̀, tí ó sì pe àwọn ọ̀mọ̀lé, ṣùgbọ́n tí kò fún wọn ní àkókò tí ó tó láti fi ṣiṣẹ́ wọn.

Ohun tí òru kan ṣoṣo lè ṣe

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tẹ ìwé jáde nípa ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọ̀dọ́ 13, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ara gbogbo wọn le. Olúkúlùkù ni ó ṣe ìwádìí náà ní ìgbà méjì. Ní ìgbà kan, ó sun oorun òru rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní ìgbà kejì, wọn kò jẹ́ kí ó fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹnì kan náà ṣe wà ní ìhà méjèèjì yìí, a kò lè sọ pé ẹni tí ó lágbára ni a fi wé ọ̀lẹ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gé ẹran tín-ín-rín láti inú iṣan itan rẹ̀, wọ́n sì fi díwọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe ń yára tó láti fi amúaradàgbà inú oúnjẹ mọ iṣan tuntun.

Ohun tí wọ́n rí ni pé, lẹ́yìn àìsùn òru kan, mímọ iṣan fi ìdá 18 nínú 100 dínkù. Bí a bá tún fi ògiri ṣe àkàwé, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀lé ìbá ti fi ìṣù amọ̀ 100 lélẹ̀, 82 péré ni wọ́n fi lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ kò sì tán nílẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Àwọn èròjà kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri bí ìránṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan dé òmíràn. Họ́mónù ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù, máa ń pọ̀ nígbà tí ara bá wà nínú ìnira, ó sì máa ń pàṣẹ pé kí a wó lára ohun tí a ti mọ, kí ara lè rí agbára lò. Ó fi ìdá 21 nínú 100 pọ̀ sí i. Èkejì ni tẹstósítẹ́róònù, tí ó pọ̀ lára ọkùnrin tí ó sì wà níwọ̀nba lára obìnrin. Òun ni ó máa ń pàṣẹ pé kí a mọ iṣan. Ó fi ìdá 24 nínú 100 dínkù. Ìránṣẹ́ tí ń wó ilé gbé ohùn sókè, ìránṣẹ́ tí ń mọ ọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí òru kan ṣoṣo.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rù máa ba ẹni tí kò sùn lẹ́ẹ̀kan nítorí ọmọ tí ń ṣàìsàn tàbí nítorí ìrìn àjò. Iṣan tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù mọ kì í wó lóru kan, bẹ́ẹ̀ ni agbára láti gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dínkù púpọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí àìsùn di àṣà.

Wákàtí mẹ́rin lóru, fún òru márùn-ún

Àwọn tí ń fi òru mọ́jú pátápátá kò pọ̀. Àwọn tí ó pọ̀ ni àwọn tí ń sun wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n sì gbà pé ó tó àwọn. Nípa irú wọn ni ìwádìí mìíràn, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Mẹ́líbọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ Ọsirélíà kan náà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Ọ̀dọ́mọkùnrin 24 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Fún òru márùn-ún, ẹgbẹ́ kìíní wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́jọ lóru kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kejì wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́rin péré. Ẹgbẹ́ kẹta náà sùn wákàtí mẹ́rin bíi ti èkejì, ṣùgbọ́n ní ìgbà mẹ́ta láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n wa kẹ̀kẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, wọ́n á wà á kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á dẹwọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òru márùn-ún pé, mímọ iṣan ti lọ sílẹ̀ lára ẹgbẹ́ kejì, tí ó sùn díẹ̀ tí kò sì ṣe iṣẹ́ agbára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kẹta, tí ó sùn díẹ̀ tí ó sì ṣiṣẹ́, kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tí ó sùn dáadáa.

Ẹ̀kọ́ méjì ni àgbẹ̀ lè rí kọ́ nínú èyí. Èkíní ni pé kò dìgbà tí ènìyàn bá fi òru mọ́jú kí iṣan rẹ̀ tó pàdánù. Wákàtí mẹ́rin lóru láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ti tó. Èkejì ni pé iṣẹ́ agbára ń dáàbò bo iṣan díẹ̀ lọ́wọ́ àìsùn. Ìtùnú ni èyí jẹ́ fún ẹni tí kò lè ṣe é kí ó má jí ní kùtùkùtù. Síbẹ̀, kí a wo ìtùnú náà fínnífínní. Ẹgbẹ́ kẹta ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gbé wọn ga ju ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tí ó sùn tí kò ṣiṣẹ́ wà náà ni wọ́n wà. Ó dà bí ẹni pé èrè iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi san gbèsè oorun, tí kò sì sí èyí tí ó ṣẹ́kù fún wọn láti kó sínú àká. Òru márùn-ún péré sì ni ìwádìí náà. Kò sí ẹni tí ó lè fi í ṣe ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún odindi àkókò ebè.

Ìgbà tí oúnjẹ kò tó

Ní àwọn oṣù tí iṣu ọdún tí ó kọjá ti tán nínú àká tí tuntun kò sì tíì jáde, ọ̀pọ̀ ilé ni oúnjẹ máa ń dínkù nínú wọn. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni oorun tún ṣe pàtàkì jù lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Ṣìkágò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ti fi hàn. Àwọn mẹ́wàá tí wọ́n sanra jẹ oúnjẹ tí a dín kù fún ọjọ́ 14, wọ́n sì wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́jọ àti ààbọ̀ lóru kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà mìíràn, wọ́n tún jẹ oúnjẹ tí a dín kù bákan náà fún ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọ́n lò lórí ibùsùn.

Nígbà méjèèjì, nǹkan bíi kílò mẹ́ta ni wọ́n fi fúyẹ́. Bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n nìkan, à bá sọ pé oorun kò ṣe ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ohun tí ó kúrò lára wọn, ọ̀ràn yí padà. Nígbà tí wọ́n sùn dáadáa, kílò 1.4 nínú rẹ̀ ni ọ̀rá, kílò 1.5 sì ni ẹran ara àti omi tí kì í ṣe ọ̀rá. Nígbà tí wọn kò sùn tó, kílò 0.6 péré ni ọ̀rá, kílò 2.4 sì ni ohun tí kì í ṣe ọ̀rá. Ara tí kò sùn di ọ̀rá mú, ó sì ń ná ẹran. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí sanra, wọn kì í sì í ṣe alágbàṣe. Nítorí náà a kò lè gbé iye kílò wọn lé àgbẹ̀ tí ara rẹ̀ gbẹ lórí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò ní ọ̀rá púpọ̀ lára, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó, kò ní ẹran ara tí ó lè fi tọrẹ.

Wákàtí mélòó ni ó tó?

Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun àti ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí oorun ní Amẹ́ríkà jọ fi ẹnu kò pé kí àgbàlagbà máa sùn, ó kéré tán, wákàtí méje lóru kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ mìíràn tí wọ́n pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan náà gbé ìwọ̀n kalẹ̀ ní ọdún yẹn: wákàtí méje sí mẹ́sàn-án fún ẹni ọdún 18 sí 64, méje sí mẹ́jọ fún ẹni ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́jọ sí mẹ́wàá fún ọmọ ọdún 14 sí 17. Kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko kí ó tó lọ sí ilé-ìwé fi ọkàn sí iye ti ìkẹyìn yìí, nítorí ọmọ náà ń dàgbà, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Kò sí iye ọ̀tọ̀ kan tí a là kalẹ̀ fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ agbára, nítorí ara ènìyàn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Sítánfọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí ọ̀nà tí ó yẹ kí a kọjú sí. Wọ́n sọ fún àwọn 11 tí ń gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n pé kí wọ́n wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́wàá, ó kéré tán, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje. Oorun wọn fi nǹkan bíi wákàtí méjì pọ̀ sí i. Eré sísá kan tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú àáyá 16.2 sá tẹ́lẹ̀ di èyí tí wọ́n ń fi 15.5 sá, bọ́ọ̀lù tí ń wọ agbọ̀n sì pọ̀ sí i. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a fi wọ́n wé, nítorí náà a kò lè sọ pé oorun nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ẹni tí ó rò pé òun ń sùn tó lè ní agbára tí òun kò tíì lò.

Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ẹni tí ń kọ ebè, tí ń la igi, tàbí tí ń gbé irin kí ara rẹ̀ lè ki, ni pé kí ó máa lépa wákàtí mẹ́jọ, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí ó wálẹ̀ ju méje lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá wúwo jù, bí ara bá béèrè mẹ́sàn-án, kí ó má ṣe pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Oorun ni a ń kà, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀. Àwọn ará Ṣìkágò tí a mẹ́nu kàn wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́jọ àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n sùn ní ti gidi. Wákàtí kan dà nù sínú yíyí sọ́tùn-ún àti sósì àti jíjí lóru. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ oorun wákàtí mẹ́jọ ní láti dùbúlẹ̀ fún bíi mẹ́sàn-án.

Kí a ka ọ̀sẹ̀ kan

Kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Kí a sọ pé ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 26, ń kọ ebè láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ó sì ń gbé irin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Aago 11:30 alẹ́ ni ó ń dùbúlẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó ń wò lórí fóònù. Oorun á gbé e lọ ní aago 12:00. Aago 4:30 ìdájí ni ó ń jí. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ń lọ sí ìṣọ́ òru. Á jẹ obì kí oorun má baà kùn ún. Á padà délé ní aago 4:30, ṣùgbọ́n nítorí obì, á yí lórí ẹní títí, á sun wákàtí méjì péré, lẹ́yìn náà á gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta.

Òru mẹ́fà ní wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ jẹ́ 27. Bí a bá fi méjì ti ìṣọ́ òru kún un, ó di 29. Bí a bá pín in sí ọ̀nà méje, ó jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ọkùnrin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ipò ẹgbẹ́ tí ó sùn díẹ̀ ní Mẹ́líbọ́ọ̀nù, kì í sì í ṣe fún òru márùn-ún, bí kò ṣe fún gbogbo àkókò ebè.

Kò pọn dandan kí ó fi oko sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kí ó pa ìṣọ́ òru tì. Kí ó pa fóònù, kí ó sì dùbúlẹ̀ ní aago 9:00 alẹ́. Bí oorun bá gbé e lọ ní 9:30, tí ó sì jí ní aago 5:00, ó ti sun wákàtí méje àti ààbọ̀. Ìdajì wákàtí tí ó fi pẹ́ jí kò ba iṣẹ́ oko jẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, kí ó rẹjú fún ìdajì wákàtí lábẹ́ igi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ọ̀sán, kí ó sun wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá ti ibi ìṣọ́ òru dé, kí ó sun wákàtí mẹ́rin, kí ó má sì gbé ọkọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní báyìí, òru mẹ́fà jẹ́ wákàtí 45. Ìrẹjú ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ méjì. Oorun ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì àti ti òwúrọ̀ Àbámẹ́ta jẹ́ márùn-ún àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52 àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe wákàtí méje àti ààbọ̀ lójúmọ́. Ó ti kúrò nínú ewu, bí kò tilẹ̀ tíì dé mẹ́jọ.

Obì ni ó lè ba ètò yìí jẹ́. Káfíìnì tí ó wà nínú rẹ̀, tí ó wà nínú kọfí àti tíì pẹ̀lú, ni ń lé oorun lọ. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ara fi ń mú ìdajì rẹ̀ kúrò. Obì tí a jẹ ní aago 2:00 òru ṣì kù ní ìdajì ní aago 7:00 òwúrọ̀. Bí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó jẹ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ òru, kì í ṣe ní òpin rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, kí obì má ṣe kọjá ọ̀sán. Ọtí náà kì í ṣe olùrànlọ́wọ́: ó ń tètè mú ni sùn, ṣùgbọ́n ó máa ń já oorun sí wẹ́wẹ́ nígbà tí òru bá lọ síwájú.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé oorun kò tó

Ẹni tí oorun rẹ̀ kò tó kì í mọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Filadẹ́lífíà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde nípa àwọn tí wọ́n fún ní wákàtí mẹ́fà péré láti sùn lóru kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 14. Ìfojúsílẹ̀ àti ìrántí wọn bàjẹ́ dé ipò ẹni tí kò sùn rárá fún òru kan sí méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n ní oorun kò fi bẹ́ẹ̀ kun àwọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ní, “Wákàtí mẹ́fà tó mi,” kò tó ẹ̀rí. Ohun tí a lè rí tí a sì lè kà ni ó yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé.

Èkíní, kí a wo ara ríro. Lẹ́yìn iṣẹ́ tí ara kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ara lè ro ni fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bí iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ṣì ń mú ara ro ni títí dé ọjọ́ kẹrin, ìmúpadàbọ̀sípò ara ń pẹ́ jù. Èkejì, kí a wo iye iṣẹ́. Bí ẹni tí ó ń gbé irin kílò 40 ní ìgbà mẹ́wàá kò bá kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí ó padà sí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun dáadáa, kí ó ka oorun rẹ̀ kí ó tó fi kílò kún irin. Ẹ̀kẹta, kí a wo ọ̀sán. Ẹni tí ó bá jókòó níbi tí kò sí ariwo, tí oorun sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀ tàbí nígbà ìwàásù, gbèsè oorun wà lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oorun nìkan ni ó lè fa àárẹ̀. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti aràn inú ń mú ara rù pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ti ń sun wákàtí mẹ́jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó ń jẹun, tí kò sì sí ìyàtọ̀, kí ó lọ fi ara han dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń han-anrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ máa ń dá lójú oorun, tí ó sì máa ń ta gìrì jí bí ẹni tí a fún lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí ó má sì ṣe fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́sàn-án kí oorun rẹ̀ má sì tó.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipò tí òun wà mú pẹ́ńsù, kí ó sì máa kọ nǹkan méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú kàlẹ́ńdà ìwé yìí láràárọ̀: wákàtí tí ó sùn, àti iye ebè tí ó kọ tàbí ìgbà tí ó gbé irin ní ọjọ́ tí ó kọjá. Kí ó kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìyí ohunkóhun padà. Lẹ́yìn náà, kí ó fi wákàtí kan kún oorun rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. Bí ó bá fi ojú ewé méjèèjì wé ara wọn, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni bóyá oorun òun tó.